Bí ẹ ṣe lè bá ilé iṣẹ́ Ṣáínà sọ̀rọ̀ nípa máṣíìnì tó dákẹ́

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, nítòsí Tákíè ni mo ti ń ránṣọ. Mo ra máṣíìnì ńlá tó ń lo mọ́tò oníná láti Ṣáínà. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ E7 lójú, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Èdè Ṣáínà ni àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn níbẹ̀ ń kọ. Mo fi Google Translate kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ ìdáhùn wọn kò bá ohun tí mo bi wọ́n mu rárá. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tó fi máa yé wọn? Mo fi ohun tí mo kọ mọ́ ọn kí ẹ bá mi wò ó. *Ìyá Télọ̀, Ogbómọ̀ṣọ́*

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kọ sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ra máṣíìnì, ẹ sọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín, ẹ sọ pé aṣọ ìyàwó wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì rán tán, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá owó padà, ẹ wá ṣàdúrà fún wọn. Gbogbo rẹ̀ sì wà nínú gbólóhùn kan tí kò ní ìdánudúró. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tó ń dùn yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó wà ní Ṣáínà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rúdurùdu ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ó wá mú èyí tó yé e nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó, ó sì fi ìlànà bí wọ́n ṣe ń sanwó ránṣẹ́ sí yín. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ẹ̀tàn bá yín lò. Ohun tó rí kà ló dáhùn.

Ohun kejì tí mo rí ni pé ẹ kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ kọ "ero mi ko sise mo". Ẹ̀rọ ni ẹ ní lọ́kàn, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta yẹn lè jẹ́ ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ èrò inú, ó sì lè jẹ́ èrò ọkọ̀. Àwa á mọ èyí tí ẹ ń sọ nítorí a mọ̀ pé télọ̀ ni yín. Ohun èlò ìtumọ̀ kò mọ̀ yín, ó ń méfò ni. Tí ẹ bá fi èdè Yorùbá kún Gboard lórí fóònù yín, ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀, tí ẹ bá sì tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmì ohùn á yọ sókè. Tí gbogbo àmì bá ni yín lára, ẹ fi sí orúkọ nǹkan ó kéré tán, kí ẹ sì pe orúkọ náà ní kíkún: "ẹ̀rọ ìránṣọ", kì í ṣe "ẹ̀rọ" nìkan. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló máa sọ fún un pé kì í ṣe èrò inú ni ẹ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yín gbà. Láti 2013 ni Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá. Inú ìwé tí èèyàn ti túmọ̀ ni irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Ìwé tó wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ díẹ̀, èyí tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ṣáínà pọ̀ lọ jàra, àmọ́ èyí tó wà ní Yorùbá àti èdè Ṣáínà kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹ má ṣe bọ́ láti Yorùbá sí èdè Ṣáínà lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe tìtorí pé kò ní túmọ̀ rẹ̀, á túmọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì í, ẹ kò ní ibi tí ẹ ti máa rí àṣìṣe náà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ kọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, ẹ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kà á, tàbí kí ọmọ iṣẹ́ yín tó ti parí sẹ́kọ́ńdírì kà á sí yín létí. Tí nǹkan kan bá ṣì wà níbẹ̀ tí kò tọ́, Yorùbá yín ni kí ẹ tún kọ, ẹ má wulẹ̀ máa yí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ da Gẹ̀ẹ́sì náà kọ, ẹ gbé e sí apá òsì, kí ẹ wá yan `Chinese (Simplified)` ní apá ọ̀tún. Ẹ ó rí `Chinese (Traditional)` nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Taiwan àti Hong Kong ni wọ́n ti ń lò ó, ilé iṣẹ́ yín kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ mú èdè Ṣáínà tó jáde yẹn, ẹ tún dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ wò: ṣé nọ́ńbà ṣì wà bó ṣe wà, ṣé orúkọ nǹkan ṣì jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣé "kò" tí ẹ fi sí i ṣì wà níbẹ̀. "Kò" yẹn ló ń tètè sọnù jù nínú gbólóhùn gígùn. Tó bá ti sọnù, "kò ṣiṣẹ́" ti di "ó ń ṣiṣẹ́", ẹni yẹn á sì máa dúpẹ́ pé inú yín dùn sí ọjà. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ fi ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ le létí. Ẹ má ṣe dá a padà sí Yorùbá láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí Yorùbá tó máa jáde lè wọ́ nígbà tí èdè Ṣáínà gan-an dára, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ èdè Ṣáínà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ọjà sí òkèèrè níbẹ̀ ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Bí èdè Ṣáínà yín bá ṣe é ní kàyéfì, á wo ìsàlẹ̀, á mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àfi tó bá jẹ́ pé inú Alibaba ni ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ní ìtumọ̀ tiẹ̀ nínú. Tí ẹ bá tan ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ẹ kọ, kí ọ̀rọ̀ má baà gba ọwọ́ olùtumọ̀ méjì kọjá. Ní WeChat, tí tiwọn bá dé, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹ ó rí `Translate`.

Ní ti ìkíni, mo mọ̀ pé ó máa dà bí ìwà àìmọ̀wàáhù lójú yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ sí `Hello`. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú" wà lára ohun tó ń da ohun èlò ìtumọ̀ láàmú jù, nítorí "kú" tí a fi ń kíni àti "kú" tí ẹni tó ṣaláìsí kú, ọ̀nà kan náà ni a ń gbà kọ wọ́n. Ẹ má sì lo "ó" lẹ́ẹ̀mejì léra. "Ó ní kí n tú u, mo tú u, ó tún ṣe é": ta ló sọ̀rọ̀, kí ni ẹ tú, kí ló ń ṣe é? Nínú Yorùbá, "ó" lè jẹ́ ọkùnrin, obìnrin tàbí nǹkan. Ẹ pe orúkọ nǹkan náà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá tilẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ tiyín. Mo máa fi ABC-123 dúró fún nọ́ńbà ọjà yín. Ẹ wo tiyín nínú ìwé tí wọ́n fi rán ọjà, kí ẹ da á kọ bó ṣe wà gan-an, lẹ́tà ńlá àti gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà kì í wọ inú gbólóhùn, ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kìíní:

"Hello. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà ọjà náà:
ABC-123"

Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Ohun tí ẹ ń dúró dè ni kí wọ́n rí ọjà náà nínú ìwé wọn. Tí ẹ bá da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i, ẹlòmíì lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, tí ẹ ó sì tún máa ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkejì:

"Ẹ̀rọ ìránṣọ náà kò ṣiṣẹ́. Ojú àpótí kọntiróòlù ń fi èyí hàn:
E7
Kí ni ìtumọ̀ E7?"

Ìbéèrè kan péré nìyẹn, ìdáhùn kan péré ló sì ní. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtumọ̀ tó fún E tirẹ̀, nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìtumọ̀ E7 máṣíìnì ẹlòmíì gbọ́. Ti àwọn tó ṣe àpótí yín ni kí ẹ gbà.

Ẹ̀yìn náà ni fọ́tò. Fọ́tò kò nílò ìtumọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ lọ. Mẹ́ta ló tó. Ọ̀kan ni ojú àpótí pẹ̀lú E7. Èkejì ni àwo kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò tàbí àpótí, tí nọ́ńbà àti fóltéèjì wà lára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu òróró kúrò kí ẹ tó yà á, kí lẹ́tà ibẹ̀ lè hàn. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn àpótí, níbi tí àwọn wáyà ti wọlé. Ẹ wá fi fídíò kúkúrú kan kún un: ẹ tan máṣíìnì, ẹ dúró kí E7 yọ, ẹ tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ má sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mọ́tò.

Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ yìí, ohun tó máa tẹ̀ lé e ni pé wọ́n máa béèrè iye fóltéèjì tó ń wọ máṣíìnì. Wọ́n mọ̀ pé mọ́tò irú yẹn ń fẹ́ nǹkan bíi 220, wọ́n sì mọ̀ pé iná ọ̀pọ̀ ìlú máa ń lọ sílẹ̀. Tí ẹ bá dáhùn pé "iná wa kò dáa rárá ní àsìkò yìí, ó ń lọ ó ń bọ̀", ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi sọ pé ẹ̀bi iná yín ni, wàrántì á sì bá ibẹ̀ lọ. Ẹ pe oníná kan kó wá fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí máṣíìnì ń lò, ní àárọ̀ àti ní alẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ti tan iná. Ká ní ó rí 215 ní àárọ̀, 160 ní alẹ́. Ọ̀rọ̀ yín kò ju èyí lọ:

"Fóltéèjì ní àárọ̀: 215
Fóltéèjì ní alẹ́: 160"

Lẹ́yìn náà, ẹ dán nǹkan kan wò tó máa pa àríyànjiyàn lẹ́nu mọ́. Ẹ so máṣíìnì mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó dára tàbí sitabiláísà tó ń gbé 220 jáde, kí oníná wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ wá tan máṣíìnì. Tí E7 bá lọ, iná ló ń ṣe é, sitabiláísà ni ẹ ó rà, ẹ kò sì ní ìjà kankan bá wọn jà. Tí E7 kò bá lọ, ẹ kọ ọ́ sí wọn:

"Mo lo jẹnẹrétọ̀. Fóltéèjì: 220
E7 ṣì ń hàn."

Ẹ ya fọ́tò mítà àti E7 papọ̀ nínú àwòrán kan. Láti ibẹ̀ lọ, wọn kò lè di ẹ̀bi náà ru iná Ogbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ohun tó kù ni wáyà tàbí àpótí.

Wọ́n lè wá ní kí ẹ yọ wáyà kan, kí ẹ tún un ki bọ̀ ọ́. Ibí ni ìtumọ̀ ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí orúkọ àwọn ẹ̀yà inú máṣíìnì kì í la ìtumọ̀ kọjá láìyí padà. Ẹ lè rí ohun tó jáde sí "abẹ́rẹ́" níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹnu wáyà. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ dá fọ́tò kẹta yẹn padà fún wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì pupa sí ara wáyà náà lórí fọ́tò yìí."

Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ ṣí àpótí, oníná ni kó ṣí i. Kó pa iná, kó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kó dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, nítorí iná ṣì máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa á.

Ó ku irú ìbéèrè kan tí mo rọ̀ yín pé kí ẹ má bi wọ́n láéláé, ìyẹn èyí tí "kò" wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹ béèrè pé "Ṣé ẹ kò tíì fi àpótí tuntun ránṣẹ́ ni?" Tí ẹlòmíì bá bi wá bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, tí a sì ní "bẹ́ẹ̀ ni", ohun tí à ń sọ ni pé a kò tíì fi ránṣẹ́. Àwọn ará Ṣáínà náà ń dáhùn bíi tiwa. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ gbà kọjá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" tiwọn níbẹ̀ lè túmọ̀ sí pé a ti fi ránṣẹ́. Ẹ ó wá jókòó dúró de ẹrù tí kò tíì kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ bi wọ́n báyìí:

"Ọjọ́ wo ni ẹ máa fi àpótí tuntun ránṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù."

Ọjọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, kò sí "bẹ́ẹ̀ ni" nínú rẹ̀. Ọjọ́ náà sì nìyí o, ẹ má kọ "ọ̀la" tàbí "ọjọ́ márùn-ún sí i". Àwa máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjà ọrọọrún, wọn kì í kà á bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì kọ 5/6, nítorí ẹnì kan lè kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, kí ẹlòmíì kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Ẹ fi orúkọ oṣù sí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun èlò náà mọ ìyẹn dáadáa.

Aago wọn fi wákàtí méje ṣáájú tiwa. Nígbà tí aago méje àárọ̀ bá lù ní Tákíè, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà láti ibi oúnjẹ. Àkókò yẹn ló dára jù láti kọ̀wé, kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá dúró di ọ̀sán, wọ́n ti ń lọ sílé, ìdáhùn yín di ọjọ́ kejì, ìbéèrè mẹ́rin á sì gbà yín ní ọjọ́ mẹ́rin. Wọn kì í tún dáhùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, nígbà ìsinmi orílẹ̀-èdè wọn, tàbí ní àkókò ọdún tuntun tiwọn tó máa ń bọ́ sí oṣù kìíní tàbí oṣù kejì. Ìdákẹ́jẹ́ ní àwọn ọjọ́ yẹn kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ yín.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìdáhùn wọn lójú fóònù, èdè Ṣáínà tí wọ́n kọ gan-an ni kí ẹ yà, kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan. Ìtumọ̀ lè yí padà lọ́la, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kò ní yí. Tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ má kọ ọ́ fún un, ẹ má sì kọ ọ́ sínú ohun èlò ìtumọ̀ náà. Kò sí àpótí máṣíìnì tó nílò rẹ̀. Bákan náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ẹrù sí àkáǹtì mìíràn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ dúró, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti ra ọjà láti béèrè.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí tó fún àtúnṣe máṣíìnì àti fún gbígba ẹ̀yà tuntun. Kò tó fún ìjà lórí owó ńlá. Tí wọ́n bá kọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún wàrántì, tí ẹ sì fẹ́ gba gbogbo owó yín padà, ẹ lo ibi ìfẹ̀sùn kàn tó wà lórí ìkànnì tí ẹ ti rà á, níbi tí ẹ ti lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì wá ẹni tó ń ka èdè Ṣáínà kó bá yín ka ohun tí wọ́n kọ. Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè náà, ẹni tó jáde níbẹ̀ lè kà á fún yín lórí fóònù ní ìjókòó kan. Ẹ fi èdè Ṣáínà tí ẹ yà sílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí i, kí ẹ bi í ní ohun méjì: kí ni wọ́n ṣèlérí, ọjọ́ wo ni wọ́n sì dá.